Ọjọ́ Orí Gbèsè: Ìṣirò Ẹ̀dín fún Gbèsè Oníyèméjì nínú Òwò Àwìn

Ìfáàrà

Èdè Yorùbá kò tòṣì rárá ní ti ọ̀rọ̀ gbèsè. A ní àwìn, a ní ẹ̀yáwó, a ní ìwọ̀fà tí ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sin owó tí a yá. A ní dógò, ìyẹn ni kí ẹni tí a jẹ lówó, tàbí ẹni tí ó rán wá, jókòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà títí tí ojú yóò fi tì í. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú ní ayé ìjọba amúnisìn, gba orúkọ wọn, òṣómàáló, láti ara ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà tí ó bá ń fi òní dọ́la: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Bí a bá yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò dáadáa, a ó rí i pé gbígba gbèsè ni púpọ̀ nínú wọn dá lé. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ nípa gbèsè tí a kò tíì mọ̀ bóyá yóò wọlé tàbí kò níí wọlé, síbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ka apá kan nínú rẹ̀ sí àdánù lónìí.

Àìsí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ni olùkọ́ lára. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó pa Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò, tàbí èyí tí yóò lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, yóò bá àwọn oníṣòwò tí ń ta àwìn pàdé. Kò ní í ṣòro fún un láti kọ́ wọn bí a ti ń kọ orúkọ onígbèsè àti iye tí ó jẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé nínú gbogbo owó tí ó wà nínú ìwé yìí, èló gan-an ni a lè pè ní owó, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tì. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè náà. Ọ̀nà ọ̀hún ni kí a fi ọjọ́ orí gbèsè díwọ̀n àdánù, kí a sì kọ àdánù náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dín.

Gbèsè àfagilé àti gbèsè oníyèméjì

Oríṣi gbèsè méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí a tó lè tẹ̀ síwájú. Èkíní ni gbèsè tí a ti mọ̀ dájú pé kò ní í san mọ́. Onígbèsè náà lè ti kó kúrò nílùú láìsí ẹni tí ó mọ ibi tí ó gbà, tàbí kí ó kú láìfi ohunkóhun sílẹ̀. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ iye tí ó jẹ, a sì fagi lé e nínú ìwé. Gbèsè àfagilé ni a ó máa pe èyí. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa pè é ní gbèsè òkú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé owó tí a jẹ nítorí ìsìnkú ni à ń sọ, nítorí náà kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olókùú.

Èkejì ni gbèsè oníyèméjì. Nínú èyí, a mọ̀ pé apá kan kò ní í wọlé, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò há sí. Bí ènìyàn méjìdínláàádọ́ta bá ń ra aṣọ láwìn lọ́wọ́ wa, tí ó sì jẹ́ pé lọ́dọọdún ni méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn kì í san tán, a kò lè tọ́ka sí àwọn méjì náà lónìí. Gbogbo wọn ló ń kí wa dáadáa. Àdánù náà dájú lórí gbogbo wọn lápapọ̀, kò sì dájú lórí ẹnì kankan. Ìdí nìyí tí a kò fi lè dín ohunkóhun kù lójú ewé oníbàárà kan, tí a sì nílò ojú ewé mìíràn tí a ó kọ àdánù àpapọ̀ náà sí.

Ó ṣe pàtàkì pé kí a má ṣe dúró di ìgbà tí a bá mọ orúkọ. Èrè tí a jẹ lórí aṣọ tí a tà láwìn ní ọdún 2024, inú ìṣirò ọdún 2024 ni a kà á sí. Bí apá kan nínú owó aṣọ náà kò bá ní í wọlé, inú ọdún kan náà ni àdánù rẹ̀ yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó bá dúró di ọdún 2026 kí ó tó fagi lé gbèsè náà ti pe ohun tí kì í ṣe èrè ní èrè fún ọdún méjì gbáko, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti fi san owó ilé-ìwé ọmọ tàbí kí ó ti fi ra aṣọ ẹbí. Nígbà tí àdánù bá wá fojú hàn, inú owó tí ó fi ń ra ọjà ni yóò ti jáde.

Àwọn òṣómàáló kò ṣàìmọ èyí. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn ga ju iye tí ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́ yóò san lọ, àlékún náà sì ń bo dídúró de owó, ìrìn àjò, àti àwọn tí yóò sá lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó sanwó dáadáa ń bá ẹni tí kò san gbé lára ẹrù rẹ̀. Ọgbọ́n ìdíyelé nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò sọ fún oníṣòwò pé èló nínú gbèsè tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ní ìparí ọdún ni owó tòótọ́.

Ìdí tí a fi pè é ní ẹ̀dín

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ olùkọ́ lẹ́nu fún ohun tí à ń sọ yìí ni owó àfipamọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ni lọ́nà. Nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà kan, bí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé pé a ti fi ₦50,000 pamọ́ fún gbèsè oníyèméjì, ìyá kan na ọwọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, inú àpótí wo ni ẹ fi owó náà sí?” Ìbéèrè náà tọ́. Kò sí owó kankan tí a fi sí ibikíbi. Àpótí kò pọ̀ sí i, owó inú báńkì kò yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí a ṣe kò ju pé a jẹ́wọ́ lójú ìwé pé gbèsè tí a ń pè ní odidi kò tó odidi.

Ẹ̀dín ni a yàn láti máa lò nínú iṣẹ́ yìí. A mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀dínwó, a sì mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣirò Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀tàdínlógún ti fi ogún lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi, ó sì ti dín ẹ̀ta kúrò lára rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ogún kò sọnù, ẹ̀ta kò sọnù, ohun tí ó ṣẹ́ kù sì yé ẹni tí ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń kọ gbèsè oníbàárà sínú ìwé ipò owó. A ó kọ gbogbo gbèsè ní odidi, a ó kọ ẹ̀dín sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó kọ iye tí a retí pé yóò wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ètò òǹkà wa kò ní í béèrè àpótí mọ́, kò sì ní í rò pé a ti dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni. Odidi gbèsè ṣì wà lọ́rùn àwọn tí ó jẹ ẹ́.

Bí a ti ń wá òṣùwọ̀n àdánù

Ẹ jẹ́ kí a mú oníṣòwò kan tí a ó máa pè ní Ìyá Aláṣọ. Ní Iléṣà ni ó ti ń ta àǹkárá àti léèsì fún àwọn tí ó ń tún un tà ní ẹyọ ẹyọ. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kí oníbàárà san owó rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ìparí ọdún 2024, ó fẹ́ mọ ẹ̀dín tí ó yẹ kí ó kọ.

Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí ó mú ìdá kan, bí àpẹẹrẹ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó fi lé gbogbo gbèsè lórí. Kí ni àbùkù ọ̀nà yìí? Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbèsè àná àti gbèsè èṣí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ẹni tí ó ti ta àwìn rí ló mọ̀ pé bí gbèsè bá ti ń pẹ́ sí i ni ìrètí ń dín kù sí i. Nítorí náà, kí ó to gbèsè bí ọjọ́ orí wọn ti rí, kí ó sì wá òṣùwọ̀n fún ìpele kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé ara rẹ̀.

Aṣọ tí Ìyá Aláṣọ tà láwìn ní ọdún 2023 jẹ́ ₦10,000,000. Ó padà sínú ìwé láti wo bí owó náà ti wọlé. Ìdá tí ó pọ̀ jù, ₦6,000,000, wọlé kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, ₦4,000,000 sì kọjá ọjọ́ àdéhùn. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn fi kọjá, ó ku ₦2,000,000 níta. Nígbà tí ó di ọgọ́ta ọjọ́, ó ku ₦1,000,000. Èyí tí ó kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ jẹ́ ₦500,000. Nínú ₦500,000 yìí, ₦200,000 kò wọlé rárá títí di òní.

₦200,000 yìí ni àdánù, ó sì gba inú gbogbo ìpele kọjá kí ó tó sọnù. Ohun tí a ó ṣe ni kí a fi í wé iye tí ó wọ ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi wé ₦10,000,000 tí a tà, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá fi wé ₦4,000,000 tí ó kọjá ọjọ́ àdéhùn, ó di ìdá 5. Ó di ìdá 10 fún ìpele tí ó tẹ̀ lé e, ìdá 20 fún èyí tí ó tún tẹ̀ lé e, àti ìdá 40 fún gbèsè tí ó ti kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ kíyè sí i pé owó kan náà ni à ń pín ní gbogbo ìgbà. Iye tí a fi ń pín in ló ń kéré sí i, nítorí pé àwọn tí yóò san ń san, wọ́n sì ń jáde kúrò láàárín.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti ọjà nìkan. Ìlànà Kẹsàn-án nínú àwọn ìlànà àgbáyé fún ìjábọ̀ ìṣúná, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018, fi àyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an fún gbèsè oníbàárà. Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ìlànà àgbáyé wọ̀nyí láti ọdún 2012, láti orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ilé-iṣẹ́ ní láti dúró títí àmì yóò fi hàn pé oníbàárà ti ń rì. Lábẹ́ ti ìsinsìnyí, láti ọjọ́ tí a ti ta ọjà ni a ti ń ka àdánù tí a ń retí. Ìdí nìyẹn tí ìdá 2 fi wà lórí gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé pàápàá.

Ohun tí ìwé kò sọ fúnra rẹ̀

Òṣùwọ̀n tí a rí láti inú ọdún tí ó kọjá dára tó bí ọdún náà bá jọ èyí tí ń bọ̀. Ọdún 2023 kò sì jọ ọdún mìíràn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí ó fi di oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé ọdún 2023, owó tuntun kò tó, owó àtijọ́ kò sì ṣeé ná fàlàlà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà. Ẹni tí ó bá ta aṣọ láwìn ní àkókò yẹn rí i pé àwọn tí kì í pẹ́ san pàápàá pẹ́. Wọ́n fẹ́ san, àmọ́ kò sí ẹni tí ó rówó ra aṣọ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ yóò mú kí òṣùwọ̀n àdánù ga jù. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbí. Ká ní ₦100,000 nínú ₦500,000 tí ó kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ jẹ́ ti àwọn tí ọ̀wọ́n owó yìí dá dúró, tí gbogbo wọn sì san nígbẹ̀yìn. Wọ́n wọ ìpele àwọn apẹ́san, wọ́n sì mú kí ìpele náà dára ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, ₦200,000 ni a ó fi wé ₦400,000, òṣùwọ̀n á sì di ìdá 50 dípò 40. Ti ọgọ́ta sí àádọ́rùn-ún ọjọ́ á di nǹkan bí ìdá 22, nítorí ₦900,000 ni a ó fi pín in. Àwọn ìpele ìṣáájú kò sún tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà a ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà.

Ibi tí iṣẹ́ ọpọlọ wà nìyí, kì í ṣe nínú ìpín àti ìlọ́po. Ìyá Aláṣọ gbọ́dọ̀ lè sọ àwọn oníbàárà tí ó yọ kúrò àti ìdí tí ó fi yọ wọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá kàn ní “ọdún náà le,” tí ó sì yan òṣùwọ̀n tí ó wù ú, irọ́ tí ó mọ́ lóyún ni ìṣirò rẹ̀ jẹ́.

Ìṣirò náà

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ Ìyá Aláṣọ jẹ́ ₦2,500,000. Bí ọjọ́ orí wọn ti rí nìyí:

| Ọjọ́ orí gbèsè | Iye gbèsè (₦) | Òṣùwọ̀n | Ẹ̀dín (₦) |
|---|---|---|---|
| Ọjọ́ àdéhùn kò tíì pé | 1,200,000 | 2% | 24,000 |
| Ó kọjá ní ọjọ́ 1 sí 30 | 600,000 | 5% | 30,000 |
| Ó kọjá ní ọjọ́ 31 sí 60 | 300,000 | 10% | 30,000 |
| Ó kọjá ní ọjọ́ 61 sí 90 | 200,000 | 22% | 44,000 |
| Ó kọjá ju ọjọ́ 90 lọ | 200,000 | 50% | 100,000 |
| Àpapọ̀ | 2,500,000 | | 228,000 |

Nínú ìwé ipò owó, yóò kọ ₦2,500,000, yóò dín ₦228,000 kù, yóò sì kọ ₦2,272,000 gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó retí. Ẹ wò ó pé gbèsè tí ó ti pẹ́ jù kò ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gbèsè lọ, síbẹ̀ ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹ̀dín ni ó wá láti ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín àdánù kù mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ kàn lára.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: èló ni kí a kọ sí ìnáwó ọdún 2024? Kíákíá ni wọ́n ó dáhùn pé ₦228,000. Bẹ́ẹ̀ kọ́. ₦228,000 ni bí ẹ̀dín ṣe gbọ́dọ̀ ga tó ní ìparí ọdún. Ìnáwó ọdún ni ohun tí a ní láti bù kún un kí ó tó ga dé ibẹ̀. Ó dà bí ìkòkò omi tí a fẹ́ kí ó kún dé ojú àmì kan. A kọ́kọ́ ní láti wo iye omi tí ó ti wà nínú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2023, ẹ̀dín tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Láàárín ọdún 2024, oníbàárà kan tí ó jẹ ₦60,000 kó ọjà rẹ̀, ó sì fi ìlú sílẹ̀, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá Aláṣọ fagi lé gbèsè náà. Nínú ìwé, ó kọ ₦60,000 sí apá òsì ojú ewé ẹ̀dín, ó sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún ojú ewé onígbèsè náà. Odidi gbèsè dín ní ₦60,000, ẹ̀dín náà sì dín ní iye kan náà, nítorí náà iye tí a ń retí kò yẹ̀. Kò sí ìnáwó tuntun lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀dín ti ń dúró dè. Ẹ̀dín wá ku ₦90,000. Kí ó tó lè di ₦228,000, ₦138,000 ni a ó fi kún un, èyí sì ni ìnáwó ọdún 2024. A ó kọ ọ́ sí apá òsì ìnáwó àti apá ọ̀tún ẹ̀dín.

Àwọn ìwé ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé girama gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń kọ gbèsè àfagilé tààrà sí ìnáwó, ìyẹn ₦60,000, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀dín títí di ìparí ọdún. Nígbà náà ni wọ́n ó mú ẹ̀dín láti ₦150,000 lọ sí ₦228,000, àlékún ₦78,000 ni. Bí a bá ro ₦60,000 pọ̀ mọ́ ₦78,000, ₦138,000 náà ni. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jà lórí èwo ló tọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tí ó kùnà ni ẹni tí ó pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀, tí ó yọ ₦60,000 kúrò lára ẹ̀dín, tí ó sì tún kọ ₦60,000 náà sí ìnáwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ní ₦198,000 ní ìnáwó, àdánù kan á sì ti di méjì. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ ni kí a yọ ìyàtọ̀ ẹ̀dín ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, kí a ro gbèsè àfagilé mọ́ ọn, kí a wò ó bóyá ó bá ìnáwó dọ́gba.

Gbèsè tí ó ń pa ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí dúró lórí pé ọjọ́ orí gbèsè tí ó wà nínú ìwé jẹ́ òótọ́. Nínú ọjà, ó rọrùn kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan jẹ ₦80,000 láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó wá, ó san ₦80,000, inú Ìyá Aláṣọ dùn, ó sì tún gbé aṣọ ₦85,000 fún un láwìn lọ́jọ́ kan náà. Gẹ́gẹ́ bí ìwé, gbèsè àtijọ́ ti tán, èyí tí ó wà nílẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó bí ó ti rí, kò sí oṣù kan tí obìnrin náà kò fi jẹ ₦80,000. Ó ń fi aṣọ tuntun san owó aṣọ àtijọ́ ni. Gbèsè náà ń dàgbà, ìwé sì ń pè é ní ìkókó.

Bí a bá fẹ́ mọ irú èyí, kí a má ṣe wo ọjọ́ orí nìkan. Kí a to iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí ó sì ń fọwọ́ kan òfo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oníṣòwò ni. Ẹni tí tirẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ rí, bí ó ti wù kí ó máa mówó wá tó, yẹ kí a gbé e lọ sí ìpele tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn mìíràn tí ó fara jọ ọ́ ni owó tí oníbàárà mú wá láìsọ aṣọ tí ó ń san owó rẹ̀. Yóò ní, “Ẹ gba èyí ná, ìyá.” Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ sí gbèsè tuntun, gbèsè àtijọ́ á máa pẹ́ sí i nínú ìwé. Bí ó bá kọ ọ́ sí ti àtijọ́, gbogbo gbèsè á dà bí ọmọdé. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo oníbàárà, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà ní ọdún tí a fi wá òṣùwọ̀n àti ní ọdún tí a fẹ́ lò ó lé lórí. Kíkọ ọ́ sí gbèsè tí ó ti pẹ́ jù ni èmi fara mọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà fúnra rẹ̀ ń rò ó lọ́kàn.

Ibi tí òṣùwọ̀n kò lè dé

Òṣùwọ̀n ìpele ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn oníbàárà bá pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ká ní ₦1,000,000 nínú ₦1,200,000 tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé jẹ́ ti ilé-ìwé kan tí ó ra aṣọ ìwọ̀ṣọ. Ìdá 2 lórí rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Kò sí bí ilé-ìwé náà yóò ti fi ₦20,000 sílẹ̀ láìsan. Yálà kí ó san gbogbo rẹ̀, tàbí kí wàhálà ńlá dé. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tábìlì pátápátá, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì rí i pé a kò tún kà á mọ́ àwọn yòókù lẹ́yìn náà. Ohun kan náà ni kí a ṣe fún ẹni tí a gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, bí ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì pé.

A sì gbọ́dọ̀ máa padà wo ẹ̀dín èṣí. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, kí Ìyá Aláṣọ mú orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní ìparí ọdún tí ó ṣáájú, kí ó wo iye tí ó sọnù nínú rẹ̀ ní tòótọ́, kí ó fi wé ẹ̀dín tí ó kọ nígbà náà. Bí ẹ̀dín bá ga ju àdánù lọ lọ́dún kan, tí ó sì kéré sí i lọ́dún kejì, ìyẹn bá ìwà ìfojúdíwọ̀n mu. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ga jù lọ́dọọdún, ẹni náà ń fi èrè pamọ́ sábẹ́ orúkọ gbèsè. Yóò wá dín ẹ̀dín kù ní ọdún tí ọjà kò bá tà, èrè yóò sì dà bí ẹni pé kò yẹ̀. Ẹ̀tàn nìyí, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ìṣọ́ra.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí a ti fagi lé gbèsè rẹ̀ tún padà wá. Ká ní ní ọdún 2025, oníbàárà tí ó sá lọ pẹ̀lú ₦60,000 fi ₦25,000 ránṣẹ́. Kí akọ̀wé má ṣe kàn ju owó náà sínú àpótí bí owó ọjà. Yóò kọ́kọ́ dá ₦25,000 padà sí ojú ewé oníbàárà náà, yóò sì dá a padà sínú ẹ̀dín tí a ti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ owó tí ó wọlé, tí ojú ewé náà yóò sì tún di òfo. Ó dà bí iṣẹ́ àṣetúnṣe, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá wá béèrè àwìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ewé rẹ̀ yóò fi hàn pé ó jẹ gbèsè, pé a fagi lé e, àti pé ó san nínú rẹ̀.